Wọ́n fi fọ́tò mú mi lólè ní Akẹ̀sán, fọ́tò náà sì ṣì ń rìn káàkiri

Ẹlẹ́lùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé dì mí lọ́wọ́ mú, ṣe ni àyà mi ń já. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, nítorí náà mo fẹ́ rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Èlùbọ́ ni mò ń tà níbí. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ gbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wo ànkárá aṣọ ẹbí ní Ọ̀yọ́. Mo dé Akẹ̀sán ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹni tó bá mọ iwájú ààfin níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà kún mọ̀ pé èjìká lèèyàn fi ń lànà. Mo dúró lọ́dọ̀ aláṣọ kan, mo ń ná ọjà lọ́wọ́, ni mo rí i pé obìnrin kan ní ìsọ̀ kejì ń wò mí. Ó wo fóònù rẹ̀, ó tún wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo rò pé ó mọ̀ mí ni. Kí n tó ṣíjú, ó ti di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Òun nìyí! Ẹ gbà mí o, ẹni tó kó aṣọ lọ nìyí!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká tó wí ká tó fọ̀, èrò ti yí mi ká. Ẹnìkan já báàgì mi gbà. Ẹnìkan fa gèlè mi kí wọ́n lè rí orí mi dáadáa. Wọ́n na fóònù sí mi lójú pé kí n wo ara mi. Mo wò ó, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, èmi náà dákẹ́. Obìnrin inú fọ́tò yẹn jọ mí. Ojú rẹ̀ gùn bíi tèmi, ó pupa díẹ̀ bíi tèmi, àmì dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Èmi náà ní àmì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lápá òsì. Wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ibì kan náà ni àmì wọn wà!" Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ẹnìkan lẹ́yìn ń pariwo pé kí wọ́n lọ wá táyà.

Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹnìkan kọ̀wé sí aláṣọ kan nínú ọjà lórí WhatsApp, ó ní òun fẹ́ ànkárá ogún, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù aláṣọ bí ẹni pé owó ti dé. Ó kó aṣọ fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan ní Owódé. Nígbà tó di alẹ́, kò sí owó kankan ní báńkì. Aláṣọ náà bá lọ síbi fọ́tò tó wà lójú WhatsApp ẹni náà, ó fi fóònù ọmọ rẹ̀ yà á láti orí fóònù tirẹ̀, ó sì gbé e sí gúrúùpù àwọn aláṣọ. Ibẹ̀ ni fọ́tò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ òkè ló gbà mí. Ó fi ìjókòó rẹ̀ sí àárín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹni tó jókòó kò lè sá." Nígbà tí mo jókòó, ariwo rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé, "Nínú gbogbo yín tẹ́ ẹ dúró yìí, ta ló fojú rí ẹni tó kó aṣọ náà?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un bi. Ẹni tó dì mí mú ní, "Ìyá, fọ́tò rẹ̀ la rí." Wọ́n pe ẹni tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ gan-an, ó sáré dé, ó wò mí, ó ní òun ni. Ìyá bi òun náà pé níbo ló ti rí mi rí. Ó ní nínú fọ́tò.

Ọmọkùnrin onípíọ́ẹ̀sì kan ló wá sún mọ́ fóònù náà, tó ní, "Mọ̀mí, ẹ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síni." Òótọ́ ni. Gbogbo lẹ́tà náà dorí kọ apá kejì, bí ìgbà téèyàn ń ka ìwé nínú dígí. Wọ́n yá dígí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àtíkè, wọ́n kọ ojú fóònù sí i. Bí lẹ́tà ṣe tọ́ nínú dígí náà tí wọ́n lè kà á, bẹ́ẹ̀ ni àmì dúdú obìnrin yẹn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì imú rẹ̀. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀ wà. Apá òsì ni tèmi. Gbogbo wọn dákẹ́. Mi ò ní gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn láéláé.

Wọ́n dá báàgì mi padà, ₦4,500 kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ojú fóònù mi sì ti là. Ẹni tó dì mí mú kò tọrọ àforíjì. Ó ní, "Kí ló dé tó fi jọ ọ́?" Mo gbà pé ó ti parí. Àmọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi láti Ìbàdàn fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹnìkan ti yà mí níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó to fọ́tò mi mọ́ ti obìnrin yẹn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè aṣọ Akẹ̀sán rèé, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, èlùbọ́ ló ń tà. Lókè rẹ̀ ni "Forwarded many times" wà. Àwọn oníbàárà mi méjì ti bi mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì (aago 9:31 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Jọ̀wọ́ má bínú sí ìbéèrè mi: ṣé o ti bi màmá rẹ bóyá ẹ̀yin méjì ni wọ́n bí? Táíwò mi ní àmì kan lápá ọ̀tún ọrùn, Kẹ́hìndé ní irú rẹ̀ gan-an lápá òsì. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn, bí ẹni pé ẹnìkan ń wo dígí ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ pé apá ọ̀tún ni àmì ẹni yẹn wà, èmi ò ní í fi ìyẹn jókòó. Mo mọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé mi.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ (aago 9:40 alẹ́)

Ẹ ṣé, mà. Màmá mi wà láyé, èmi nìkan ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Mo bi wọ́n, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé mo ń bínú sí wọn ni.

Ayàwòrán Fìdítì (aago 10:02 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ti dígí yẹn, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ọmọ onípíọ́ẹ̀sì yẹn ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò ní í rántí lójú ariwo.

Bí èèyàn bá fi kámẹ́rà iwájú fóònù ya ara rẹ̀, ohun tó ń rí lójú fóònù nígbà tó ń yà á dà bíi ti dígí. Lẹ́yìn tó bá yà á tán, àwọn fóònù kan máa ń yí i padà sí bó ṣe yẹ, àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní ibi téèyàn ti lè yàn èyí tó fẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá àmì tó wà lápá òsì wà lápá òsì lóòótọ́. Lẹ́tà ló ń sọ òótọ́. Kàlẹ́ńdà, orúkọ ìsọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ, èyíkéyìí tó bá wà nínú fọ́tò náà. Tí lẹ́tà bá kọ ẹ̀yìn síni, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ti yí, títí kan ojú èèyàn. Kò sì ṣe pàtàkì ẹni tó yí i, fóònù ni o, olè ni o. Inú fọ́tò kan náà ni kàlẹ́ńdà àti obìnrin náà wà, wọ́n jọ yí ni. Pé aláṣọ tún fi fóònù mìíràn ya fóònù kò yí i padà. Ó kàn ń sọ ọ́ di bàìbàì ni.

Ká ní kò sí kàlẹ́ńdà níbẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti le. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, torí pé ti ọkùnrin àti ti obìnrin kì í sábà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, àmọ́ mi ò ní í fi bọ́tìnnì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Nítorí náà ọ̀nà yìí kì í ṣe èyí tó máa gba gbogbo èèyàn.

Nǹkan kejì ni ti imú. Wọ́n á ní "imú wọn bára mu." Ẹni tó na ọwọ́ gbé fóònù sún mọ́ ojú ara rẹ̀, imú rẹ̀ á tóbi ju bó ṣe wà lọ, etí rẹ̀ á sá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á sì gùn. Ẹ sọ pé ojú obìnrin náà gùn bíi tiyín. Ó ṣeé ṣe kó má gùn rárá tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni méjì jẹ́ ẹnìkan náà, etí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bó ṣe ká àti bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gèlè sábà máa ń bò ó, ìyẹn ni ìṣòro rẹ̀.

Fún Ìyá Ìbejì: òtítọ́ lẹ sọ nípa ti àwọn ọmọ yín. Dígí kò lè ya ìbejì sọ́tọ̀ kúrò lára ìbejì. Ohun tó lè sọ ni pé ojú yìí kọ́ ni ojú yẹn.

Aláṣọ Ọjà Ọba (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀)

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ọlọ́jà ni ìkà. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti jẹ ₦65,000 mi lóṣù kẹta. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Téèyàn bá rí ẹni tó jọ ọ́, ṣé kó máa wò ó kó kọjá ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ bí mo ṣe lè gba owó mi padà, kó sọ fún mi. Báńkì kàn ń yí mi kiri.

Onípíọ́ẹ̀sì Ọ̀rẹ́ (aago 6:48 àárọ̀)

Aláṣọ, ẹ kú ìnira. Ìdí tí báńkì fi ń yí yín kiri ni pé kò sí owó kankan tó rìn. Tó bá jẹ́ pé owó wọlé lóòótọ́ kó tó jáde, wọ́n á ní ohun tí wọ́n lè tọpasẹ̀. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ọ̀rọ̀. Ọjà yín ni wọ́n jí, owó kọ́. Nítorí náà ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló yẹ kí ẹjọ́ yẹn wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi pè yín. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má wo àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ wo iye tó kù níbẹ̀. Tí kò bá lé, ẹ má gbé ọjà sílẹ̀, kódà kí oníbàárà máa bínú.

Ọmọ Ṣọ̀ún (aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́lùbọ́, ọ̀rọ̀ yín kò le. Ẹ wá ẹ̀rí pé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n jí aṣọ náà. Oníbàárà yín lè jẹ́rìí, álẹ́ẹ̀tì báńkì yín ní aago lára. Ẹ gbé e jù sí wọn lójú. Lẹ́yìn náà ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa sọ ọ́ ní abala 35 pé ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti àforíjì ní gbangba.

Agbẹjọ́rò Tákíè (aago 8:30 àárọ̀)

Àbúrò mi Ọmọ Ṣọ̀ún, o sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀rí tí o ní kí wọ́n gbé lọ kò ní í ṣiṣẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ tún ìtàn náà kà. Olè náà kò fẹsẹ̀ kan Akẹ̀sán rí. Orí fóònù ló ti ra ọjà, ọlọ́kadà ló gbé e, ọmọkùnrin kan ló gbà á ní Owódé. Tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá jẹ́rìí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun wà, wọ́n á dáhùn pé ṣebí èèyàn lè wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tẹ fóònù. Ká ní ẹnìkan wọ ìsọ̀ wá jí aṣọ ni, níbẹ̀ ni ẹ̀rí ibi tí èèyàn wà ti máa ń gbani, téèyàn bá tètè sọ ọ́, tó dárúkọ ibẹ̀ àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kódà ti dígí yẹn, bó ṣe dára tó, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àmì náà bára mu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gan-an ló wà nínú fọ́tò náà. Ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di olè. Fọ́tò ojú WhatsApp jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi síbẹ̀. Mo lè gbé fọ́tò aládùúgbò mi síbẹ̀ lónìí. Ẹni tó fẹ́ fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú kó ₦180,000 lọ, ṣé ojú ara rẹ̀ ló máa fi hàn? Èrò tèmi ni pé obìnrin inú fọ́tò yẹn náà kò mọ̀dí, wọ́n jí ojú rẹ̀ ni. Ohun tó lè tọ́ka sí olè ni nọ́ńbà náà, nítorí pé wọ́n ti ní ká so síìmù mọ́ NIN láti ìparí ọdún 2020, ọlọ́pàá sì lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fóònù orúkọ tí wọ́n fi gbà á. Ọlọ́jà kò lè béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun kejì ni ọmọkùnrin tó gba ẹrù ní Owódé. Ọlọ́kadà nìkan ló fojú rí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó pè é wá lọ́jọ́ náà.

Ìyá àgbà aláṣọ òkè yẹn béèrè ìbéèrè tí adájọ́ máa béèrè. Ẹni tó ti wo fọ́tò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá rí ojú tó jọ ọ́, kì í ṣe olè ló dá mọ̀, fọ́tò ló dá mọ̀. Tí wọ́n bá tún to èèyàn sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé kó wá yan ẹni tó ṣe é, tó sì ti rí fọ́tò tẹ́lẹ̀, yíyàn náà kò níyì mọ́.

Wàyí o, abala 35. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ gbà-máà-bínú wà níbẹ̀, fún ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu. Bóyá dídi ọwọ́ mú láàárín ọjà wọ inú rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò méjì lè jiyàn lé e títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó ṣe kedere ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò yín, mà. Ìbanilórúkọjẹ́ ni. Ẹ má tíì ní kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀: ẹ ya ojú fóònù tó fi orúkọ gúrúùpù, nọ́ńbà ẹni tó gbé e síbẹ̀, ọjọ́ àti aago hàn. Kí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn má pa tirẹ̀ rẹ́, kó má sì ta fóònù náà, torí pé abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní àwọn ohun tó ń béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ (aago 1:05 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, mo ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé wọ́n jí ojú obìnrin náà, ara mi ṣe gììrì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bínú sí obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó lè jẹ́ pé ohun tó ń dúró dè é náà nìyí lọ́jà mìíràn.

Ọ̀kan nínú gúrúùpù mi ní kí n gbé fọ́tò mi tó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde, kí n to ó mọ́ tirẹ̀, kí n fi ọfà tọ́ka sí àmì méjèèjì. Ṣé kí n ṣe é?

Ayàwòrán Fìdítì (aago 1:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣe é. Irọ́ ti ní àwòrán, òótọ́ náà gbọ́dọ̀ ní. Àwọn èèyàn kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn. Mo lè bá yín tò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Agbẹjọ́rò Tákíè (aago 2:10 ọ̀sán)

Èmi ò gbà. Lọ́la, ẹnìkan á gé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, á fi ojú méjèèjì ránṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ti so ojú yín mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè ní olè.

Ayàwòrán Fìdítì (aago 2:16 ọ̀sán)

Wọ́n ti so ó ná, sà. Ohun tí wọ́n ti ń pín kiri nìyẹn.

Bàbá Àwẹ́ (aago 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, mo kí ọ kú ewu. Mo ti dàgbà, mi ò mọ púpọ̀ nípa fóònù, àmọ́ mo mọ ọjà. Má dá lọ bá ẹni tó dì ọ́ mú. Mú ẹnìkan tó jẹ́ àgbà nínú ilé ọkọ rẹ, kí ẹnìkan nínú àwọn àgbà oníèlùbọ́ náà bá yín lọ, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá tó fún ọ ní ìjókòó. Kì í ṣe ẹni tó dì ọ́ mú ni kẹ́ ẹ bá wí. Ẹni tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ ni. Òun ló ni àdánù, ohùn tirẹ̀ ni gúrúùpù wọn máa gbọ́. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà sí pé, "Èmi lágbájá, èmi ni wọ́n jí aṣọ mi, obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ kọ́ ló jí i." Gbogbo ọjà mọ ohùn ara wọn. Kò sí àwòrán tó jù ú lọ.

Onípíọ́ẹ̀sì Ọ̀rẹ́ (aago 5:12 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá ti sọ ọ́. Mo fi kún un: alábòójútó gúrúùpù lè pa ohun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀ rẹ́ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò sọ. Ṣùgbọ́n kò lè kan èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ síta. Ohùn obìnrin yẹn ló máa gba ọ̀nà kan náà tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò náà hàn yín, ẹ fún un ní ohùn náà lójú ẹsẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́ padà sí ẹni tó fún un.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:03 alẹ́)

A lọ lánàá. Bàbá ọkọ mi, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, àti èmi. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Ìyá aláṣọ òkè rí mi, ó dìde, ó gbá mi mọ́ra kí n tó kúnlẹ̀ tán.

Ẹni tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sunkún. Ó ní gbèsè ni òun fi ra ànkárá yẹn. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa, ó dárúkọ ìsọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò rí olè náà rí, fọ́tò nìkan lòun rí. Alábòójútó pa tiwọn rẹ́. Ẹni tó dì mí mú kò wá sọ́jà, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. ₦4,500 mi kò jáde, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò mi náà kò tíì jáde. Aláṣọ náà ń lọ fún ọlọ́pàá ní nọ́ńbà náà lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́kadà sì ti gbà láti tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi méjì ti padà wá ra èlùbọ́, èkejì kò tíì wá.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. A tún gbé fóònù sí dígí, a ka kàlẹ́ńdà yẹn. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìṣẹ́yìn ni. Ibẹ̀ ni ògiri rẹ̀ wà, bóyá ibẹ̀ náà ló ń gbé. Mo fẹ́ kí ẹnìkan kìlọ̀ fún un pé wọ́n ń fi ojú rẹ̀ jalè, kó tó di pé ẹnìkan dì í mú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ síta láti wá a, torí pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi náà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì (aago 8:15 alẹ́)

Mo ní àbúrò ní Ìṣẹ́yìn. Ṣé kí n bi í bóyá ó mọ obìnrin tó jọ ọ́, tó ní àmì lápá ọ̀tún?

Ayàwòrán Fìdítì (aago 8:32 alẹ́)

Ẹ dúró ná, mà, kí ọ̀rọ̀ náà má di ariwo níbẹ̀ kó tó dé etí rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ìgbéyàwó ní Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́bọ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹ gé ojú obìnrin náà kúrò, kó ku kàlẹ́ńdà nìkan, ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo máa lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, mo máa bi akọ̀wé wọn ẹni tí wọ́n fún ní kàlẹ́ńdà ọdún yẹn. Tí mo bá rí i, ẹ̀yin ni màá pè kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ (aago 8:40 alẹ́)

Mo ti fi í ránṣẹ́. Fóònù mi á wà ní títàn lọ́jọ́bọ̀ láti àárọ̀.